Kí Fóònù Má Baà Gé Gèlè Yín Dànù

Lẹ́yìn òde ọjọ́ Sátidé, ẹ wo fọ́tò tuntun tí àwọn èèyàn fi síwájú orúkọ wọn lórí WhatsApp tàbí Facebook. Ẹ ó rí gèlè tí etí rẹ̀ ti lọ, ẹ ó sì rí ìyàwó tó jẹ́ pé èjìká ọkọ nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayàwòrán kọ́ ló jẹ̀bi. Fọ́tò tí a bá gbé fóònù dúró yà máa ń ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ òbíríkítí kékeré ni wọ́n máa fi gbé e hàn. Wọ́n á kọ́kọ́ gé e kí ìbú àti gíga rẹ̀ lè dọ́gba, lẹ́yìn náà òbíríkítí á tún gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò.

Gèlè ló ń jìyà jù, torí pé òkè ló ti máa ń fẹ̀, òkè náà sì ni òbíríkítí ti ń fún. Ká ní àwòrán kan fẹ̀ ní 1000 píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tí a fi ń wọn àwòrán, tó sì ga ní 1000. Tí a bá sọ̀ kalẹ̀ ní 100 láti òkè, 600 péré ni òbíríkítí fẹ̀ níbẹ̀. Gèlè tó bá fẹ̀ ní 800 níbẹ̀ á pàdánù 100 lọ́tùn-ún, 100 lósì.

Ohun tó dájú ni pé kí ẹ fi 150 sílẹ̀ lófìfo ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú 1000 náà. Ohunkóhun tó bá wà láàárín tó kù, òbíríkítí kò lè kàn án.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò kan tó fẹ̀ ní 900, tó ga ní 1200. Gèlè rẹ̀ fẹ̀ ní 800, ó bẹ̀rẹ̀ ní 50 láti òkè, àgbọ̀n sì parí sí 750. Kò sí bí ẹ ṣe lè gé e tí gèlè kò ní fara pa. Ṣe ni kí ẹ fi ààyè kún un. Nínú Canva, ẹ lo Custom size, kí ẹ tẹ 1200 × 1200 px. Ẹ kun ojú ewé náà ní àwọ̀ ògiri ẹ̀yìn fọ́tò, kí ẹ gbé fọ́tò sáàárín, kó ku 150 lápá méjèèjì. Ẹ wá fà á wálẹ̀ ní 200, kí gèlè àti ojú lè bọ́ sáàárín gbùngbùn. Ìsàlẹ̀ aṣọ nìkan ló máa lọ.

Ẹ má na fọ́tò ní ìbú kó lè kún ojú ewé o. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ojú á sì fẹ̀ bí ẹni tí oyin ta. Bí ògiri ẹ̀yìn bá sì ní àrà lára, àwọ̀ kan ṣoṣo kò ní bá a mu, ojú ibi tí ẹ ti so ó pọ̀ á hàn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún dúró fún ayàwòrán, ẹ ní kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Ààyè tó bá pọ̀ jù ṣeé gé dànù, ṣùgbọ́n etí gèlè tí kò wọ inú fọ́tò, kò sẹ́ni tó lè dá a padà.