Ìṣirò Kékeré Tó Ń Tú Àṣírí Páálí Íápíìsì

Páálí íápíìsì tí kò ní wáyà máa ń pariwo nǹkan mẹ́ta: iye wákàtí tí bátìrì rẹ̀ yóò lò, orúkọ kódẹ́kì tó ń gbé ohùn rẹ̀, àti orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n lè fi parọ́. Àmọ́ irọ́ orí páálí ní àbùkù kan: ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kì í sábà jókòó ṣe ìṣirò. Ẹ fi nọ́mbà kan wé ìkejì, ẹ ó rí i pé wọn ò bára mu.

Ẹ jẹ́ ká fi ojúlówó bẹ̀rẹ̀, ká lè mọ bí òótọ́ ṣe rí.

Bátìrì

Ilé iṣẹ́ Sámúsọ̀ńgì kọ ọ́ pé bátìrì inú etí kọ̀ọ̀kan Galaxy Buds2 Pro jẹ́ 61 mAh. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí íápíìsì náà bá ń fa iná mílíámpì 1, yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí 61. Bó bá ń fa 61, wákàtí 1 péré ni. Wọ́n ní yóò kọrin fún wákàtí 8 bí ẹ bá pa ètò tó ń dènà ariwo ìta, àti wákàtí 5 bí ẹ bá tàn án. Ẹ pín 61 sí ọ̀nà 8, ẹ ó rí nǹkan bíi 7.6. Ẹ pín in sí ọ̀nà 5, ó di 12.2. Iye mílíámpì tó ń fà nìyẹn. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni iná tí ètò ìdènà ariwo ń jẹ, torí máíkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbọ́ ariwo ìta, kí ṣípù sì máa ṣe òdìkejì ariwo náà láìsinmi.

Ó wá ku àpótí tó ń ṣáàjì rẹ̀. 515 mAh ló wà nínú ẹ̀. Etí méjèèjì jọ jẹ́ 122. Lójú ìwé, ó yẹ kí àpótí yẹn kún wọn ní ìgbà 4.2. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ ni pé gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ wákàtí 29. Ẹ yọ 8 àkọ́kọ́ kúrò, ó ku 21, ìyẹn ìgbà 2.6 péré. Ibo ni ìyókù lọ? Bátìrì àpótí wà ní nǹkan bíi fóòtì 3.7 sí 3.9, wọ́n sì sábà máa ń gbé e sókè sí fóòtì 5 kó tó wọ etí. Gbígbé e sókè yẹn ń jẹ nínú iná náà, òmíràn sì ń di ooru. Torí náà, àpótí tòótọ́ kì í fúnni ní gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ẹ wá wo páálí kan tí ọmọ kíláàsì mi kan gbé wá fún mi. Orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan ló wà lára ẹ̀. Ó ní etí kọ̀ọ̀kan jẹ́ 40 mAh, àpótí jẹ́ 300, wákàtí 10 lẹ́ẹ̀kan, wákàtí 60 lápapọ̀. Ẹ bá mi ṣe é. Etí méjèèjì jẹ́ 80, 300 sì máa kún 80 ní ìgbà 3.75, bí ohunkóhun ò bá tiẹ̀ ṣòfò rárá. Àmọ́ 60 yọ 10 jẹ́ 50, ìyẹn ìgbà 5. Àpótí tó ń fúnni ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ! Kò tiẹ̀ yẹ ká tú u kó tó hàn pé irọ́ ni. A ṣì dán an wò: a fi orin sí i, a sì wo aago. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ló lò tó fi kú.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojúlówó wé ojúlówó, ẹ rí i pé ipò kan náà lẹ ń wò. Pẹ̀lú ìdènà ariwo ní títàn, WF-1000XM5 ti Sónì jẹ́ wákàtí 8, 24 lápapọ̀. AirPods Pro ìran kejì jẹ́ 6, 30 lápapọ̀. Buds2 Pro jẹ́ 5, 18 lápapọ̀. Ẹni tó ń jókòó fún ìrìn àjò gígùn láìbọ́ ọ, ti Sónì ló dáa fún un. Ẹni tí wọ́n máa ń mú iná lọ fún ọjọ́ méjì, wákàtí àpapọ̀ ni kó wò.

Kódẹ́kì

Orin tó mọ́ bíi ti síídì nílò nǹkan bíi kílóbíìtì 1,411 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: ìwọ̀n 44,100, bíìtì 16, ìhà 2, ẹ fi wọ́n ìlọ́po ara wọn. Búlútúùtù ò lè gbé ìyẹn dáadáa, nítorí náà kódẹ́kì máa ń fún orin náà pọ̀. SBC ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ní, ó máa ń tó nǹkan bíi 328. AAC ni áífóònù fẹ́ràn. LDAC ti Sónì lè tó 990, àmọ́ níbi tí fóònù àti Wáífáì bá ti pọ̀, ó lè wálẹ̀ sí 330, ìyẹn bákan náà pẹ̀lú SBC ní iye.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé fóònù àti íápíìsì gbọ́dọ̀ jọ mọ èdè kan náà. Áífóònù ò gbọ́ LDAC. Ẹni tó bá fi áífóònù ra íápíìsì nítorí LDAC, owó tó san lé e lórí ṣòfò ni.

Lórí Áńdíróìdì, ẹ lè rí òótọ́ fúnra yín. Ẹ tẹ "Build number" nígbà 7 kí "Developer options" lè jáde, ẹ so íápíìsì pọ̀, ẹ fi orin sí i, kí ẹ sì wo "Bluetooth Audio Codec". Páálí ọmọ kíláàsì mi yẹn kọ LDAC gàdàgbà. SBC nìkan ló jáde. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ẹ ti tan LDAC nínú ètò fóònù àti áàpù íápíìsì náà o, torí àwọn ojúlówó kan máa ń pa á títí ẹ ó fi tàn án.

Páálí

Ẹ má fi dídán páálí ṣe ẹ̀rí. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú ti mọ ọ́n tẹ̀ dáadáa báyìí. Nọ́mbà ìdánimọ̀ ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó sì jáde, ìyẹn ò tíì tó, nítorí wọ́n lè da nọ́mbà ojúlówó kan kọ sórí ẹgbẹ̀rún páálí. Ẹ ní kí ọlọ́jà gbé páálí méjì wá. Bí nọ́mbà méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ máa lọ. Ojúlówó kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ti ara páálí wé ti ara àpótí ṣáàjì, kí ẹ sì fi wé èyí tí fóònù fi hàn. Fún AirPods, áífóònù tó ń lo iOS 16 sókè máa ń kìlọ̀ fúnra rẹ̀ bí kò bá rí ẹ̀rí pé ojúlówó ni.

Tí ọlọ́jà ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ so ó mọ́ fóònù yín kẹ́ ẹ tó sanwó, ó kéré tán ẹ ṣe ìṣirò bátìrì yẹn níbẹ̀. Gbogbo nọ́mbà tẹ́ ẹ nílò ti wà lára páálí, kò sì sẹ́ni tó lè ní kẹ́ ẹ má pín in.