Bí Èdè Ìlù àti Eré-Oníṣe Ṣe Di Iṣẹ́ Ìwádìí ní Legon

Ọdún 1962 ni wọ́n dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Orin àti Eré-Oníṣe sílẹ̀ ní Yunifásítì Gánà tó wà ní Legon, lẹ́bàá ìlú Accra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó mú kí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé dá sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà, lọ́dọ̀ àwọn onílù tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ní ọdún 1923, R. S. Rattray, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèwádìí àṣà àwọn Asante, tẹ ìwé kan jáde, inú rẹ̀ ni ó sì kọ ìtàn àwọn ọba Mampong sí, gẹ́gẹ́ bí ìlù ṣe ń sọ ọ́. Ní Mampong yìí kan náà ni wọ́n ti bí J. H. Kwabena Nketia ní ọdún 1921, ẹni tó wá di olórí onímọ̀ orin ilẹ̀ Gánà. Nígbà tí ó di ọdún 1944, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè àti orin, ìmọ̀ méjèèjì yìí ló sì jẹ́ kí ó rí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí, pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìlù tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìró èdè tí ìlù náà ń sọ.

Ìlù tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jù ni atumpan, ìlù méjì tí òǹlù kan ṣoṣo máa ń fi ọ̀pá tó tẹ̀ lórí lù, tí wọ́n ń fi igi tí àwọn Akan ń pè ní tweneboa gbẹ́, tí wọ́n sì máa ń fi awọ etí erin bò láyé àtijọ́. Ọ̀kan ń dún lókè, èkejì ń dún nísàlẹ̀. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni èdè Akan ní, nítorí náà ìlù méjì tó láti gbé ohùn ọ̀rọ̀ wọn jáde, láìdà bíi dùndún ilẹ̀ Yorùbá tí onílù ní láti máa fún ọsán rẹ̀ kí ó lè rí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ láti ara ìlù kan, kí ó sì lè yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tí ìlù méjèèjì kò lè gbé jáde ni kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì. Ohùn, ìgùn sílébù àti ìsinmi láàrin gbólóhùn nìkan ló ṣẹ́ kù sí etí olùgbọ́.

Níbí gan-an ni ìṣòro ìwádìí èdè ìlù wà, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbólóhùn ló lè ní ohùn kan náà. Àwọn ará Ìbàdàn àtijọ́ mọ ọ̀ràn náà dáadáa: nígbà tí ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà ń fi dùndún kéde orúkọ ara rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí etí ọ̀pọ̀ Yorùbá gbọ́ ni pé bí Olúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè. Ìlù kò ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni olùgbọ́ kò ṣìnà. Gbólóhùn méjèèjì ló bá ohun tí ìlù sọ mu, olùgbọ́ kàn mú èyí tó wà nínú èdè tirẹ̀ ni. Ọ̀nà tí àwọn onílù fi ń dín irú ìṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ kù ni kí wọ́n má ṣe lu ọ̀rọ̀ kúkúrú lásán, bí kò ṣe kí wọ́n fi oríkì tàbí àpólà gígùn tí gbogbo olùgbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀, débi pé orúkọ ọba kan ṣoṣo lè gba odindi gbólóhùn. Ní Accra ọ̀ràn náà tún díjú sí i, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn Akan ni àwọn Ga tó ni ìlú ti gba atumpan, èdè Twi sì ni ìlù náà sábà máa ń sọ ní ààfin wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ Ga nìkan yóò jókòó ti ìlù náà láìlóye rẹ̀.

Nketia padà sí Gold Coast, nígbà tí ó sì di ọdún 1952, K. A. Busia tó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ mú un wọ yunifásítì gẹ́gẹ́ bí olùṣèwádìí. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń gba ohùn àwọn onílù sílẹ̀ sórí téèpù, àwọn téèpù náà ló sì di ìpìlẹ̀ ibi ìpamọ́ ohùn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Legon lónìí. Ní ọdún 1963 ni ìwé rẹ̀ lórí ìlù láàrin àwọn Akan jáde, ó sì pín iṣẹ́ ìlù sí ọ̀nà mẹ́ta níbẹ̀: èyí tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, èyí tó kàn ń pe ènìyàn tàbí tó ń kìlọ̀, àti èyí tó wà fún ijó. Ìpín yìí ṣe pàtàkì gan-an fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ó máa wá ọ̀rọ̀ nínú ìlù ijó tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà bó ti yẹ yóò bẹ onílù kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ náà ní àpólà kọ̀ọ̀kan, kí ó tó lù ú, kí àwọn méjèèjì sì wọ inú téèpù. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìlù nìkan, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu, lọ bá onílù mìíràn ní ààfin kan náà. Bí ẹni kejì bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, a jẹ́ pé àpólà náà ti di ohun tí àwọn onílù ibẹ̀ jọ mọ̀. Bí ó bá sọ nǹkan mìíràn, kì í ṣe pé ọ̀kan ń purọ́, ó lè jẹ́ pé àpólà náà ti yí padà, tàbí pé ó jẹ́ àṣírí ìdílé onílù àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbé e lọ sí ààfin ìlú mìíràn láti dán an wò kò tíì dán nǹkan kan wò, nítorí pé ìtàn àwọn ọba Mampong kò di dandan fún onílù ìlú mìíràn láti mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo Gánà mọ̀ kò pọ̀, irú bí èyí tí atumpan ń sọ lórí rédíò kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀, pé kí Gánà tẹ́tí.

Ohun tó so ìlù mọ́ eré-oníṣe nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni iṣẹ́ Efua Sutherland, òǹkọ̀wé eré tó dá ilé eré kan sílẹ̀ ní àárín Accra ní ọdún 1961. Ó wá ìpìlẹ̀ eré tuntun nínú àlọ́ Ananse, alántakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tó dà bí Ìjàpá nínú àlọ́ Yorùbá, ó sì rí i pé olùgbọ́ láṣẹ láti dá apàlọ́ dúró kí ó sì dá orin, èyí tí wọ́n ń pè ní mboguo. Nítorí náà eré tó bá fẹ́ dún bí ti àwọn Akan kò lè ṣe láìsí orin.

Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fi hàn jù pé ọ̀nà náà lè gbé ọ̀ràn àwùjọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1964, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Legon ṣe eré Ama Ata Aidoo, tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, nípa ọ̀dọ́mọkùnrin Gánà kan tó fẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà láìsọ fún ẹbí rẹ̀. Tọkọtaya náà ti pinnu pé àwọn kò tíì fẹ́ bímọ, ẹbí ọkọ sì rò pé obìnrin náà yàgàn, nígbà tí ọkọ tó mọ òtítọ́ dákẹ́. Aidoo kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró wàásù lórí ìtàgé. Ó fi ọ̀ràn náà sí ẹnu àwọn obìnrin àdúgbò méjì tó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n rí, èyí sì ni ó mú kí àwọn òǹwòran máa dá ẹjọ́ náà fúnra wọn.

Ó dun ni pé wọ́n wó ilé eré Sutherland láti fi àyè sílẹ̀ fún Ilé Eré Àpapọ̀ tó ṣí ní ọdún 1992. Wọ́n kọ́ irú ilé eré Sutherland náà mìíràn sí Legon, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe eré.