Mẹ́ta Nínú Mẹ́jọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Ìṣirò Ọmọ Yín Wò Láìlo Ẹ̀rọ

Láti ọdún 2014, wọn ò gba ẹ̀rọ ìṣirò láàyè mọ́ nínú ìdánwò Sáàtì tí àwọn ọmọ ọdún kẹfà ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ẹ ó sì rí i tí ọmọ á gbé tábìlì ìdá, dẹ́símà àti pasẹ́ǹtì wálé, tí àwọn ojú kan á ṣófo kó lè dí wọn.

Èdè wa gan-an ti là á yé wa. 3/8 là ń pè ní mẹ́ta nínú mẹ́jọ. 5% sì ni márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ "nínú" yẹn ló ń sọ iye tí a pín nǹkan sí.

Ẹ jẹ́ ká mú 3/8. Ìdajì jẹ́ 50%. Ẹ dá a sí méjì, ó di 25%, ìyẹn 1/4. Ẹ tún dá ìyẹn sí méjì, ó di 12.5%, ìyẹn 1/8. Ẹ wá kó mẹ́ta irú rẹ̀ jọ: 37.5%. Tí ẹ bá fi 100 pín in, ó di 0.375.

| Ìdá | Dẹ́símà | Pasẹ́ǹtì |
|---|---|---|
| 1/2 | 0.5 | 50% |
| 1/4 | 0.25 | 25% |
| 1/8 | 0.125 | 12.5% |
| 3/8 | 0.375 | 37.5% |
| 1/3 | 0.333… | 33⅓% |
| 1/20 | 0.05 | 5% |

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bí ọmọ bá ṣì í? Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ṣé ó tó ìdajì? Ìdajì 8 ni 4, 3 ò sì tó 4, nítorí náà ìdáhùn ò gbọdọ̀ tó 0.5. Ọmọ tó kọ 3.8 (wọ́n máa ń kọ ọ́ dáadáa!) á rí i fúnra rẹ̀ pé ó ti pọ̀ jù.

Àmọ́ tó bá kọ 0.38 ńkọ́? Ìyẹn náà ò tó ìdajì, á yọ́ kọjá. Ibẹ̀ lẹ ti máa ní kó dá a padà: kó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. 0.38 × 8 jẹ́ 3.04, kì í ṣe 3. 0.375 × 8 ló jẹ́ 3 géérégé.

Ẹ ṣọ́ òdo tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì o. 0.05 kì í ṣe 50%. Ẹ ní kó fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: 5 ló máa bọ́ sí.

1/3 nìkan ló lágídí nínú tábìlì yìí, torí pé dẹ́símà rẹ̀ ò lópin. Ẹni tó kọ 0.3 ṣì í, nítorí 0.3 × 3 jẹ́ 0.9. Ẹni tó kọ 0.33 á rí 0.99, ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ti gé e kúrú. Tí ìbéèrè bá fẹ́ iye pàtó, 33⅓% ni kó kọ.