Ìfáàrà àròkọ lórí ìdájọ́ ikú: ṣé ó ń dá ọwọ́ apànìyàn dúró lóòótọ́?

Àròkọ alárìyànjiyàn kan la fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́: «Ṣé ìdájọ́ ikú ń dá ọwọ́ apànìyàn dúró lóòótọ́?» Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìkan la ní kí wọ́n kọ. Èyí tó gbóná jù wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àwọn adigunjalè pa àbúrò bàbá rẹ̀ nígbà tí ìyẹn ń ti ọjà bọ̀. Ohun tó kọ nìyí:

«Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ènìyàn ti ń pa ènìyàn. Ìpànìyàn kò dára rárá. Ẹni tó bá gba ẹ̀mí ẹlòmíì, kí wọ́n gba tiẹ̀ náà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìjọba dá ìdájọ́ ikú padà kíákíá.»

A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn ún, nítorí náà a kò fi bíkì pupa kàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A pè é, a jókòó tì í. A ní: «Ọmọ wa, ọ̀rọ̀ rẹ wọni lára, àmọ́ kò dáhùn ohun tí wọ́n bi ọ́.» Wọn kò bi í pé kí ló tọ́ sí ẹni tó ti pànìyàn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀san nìyẹn. Ẹni tí ìbéèrè náà ń wò ni ẹni tó di àdá mú, tí kò tíì ṣá ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ̀rù ikú lè mú kó fi àdá náà sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù nìyí. Bí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ bá ti da ẹ̀san pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rù, gbogbo àròkọ tó kù ni yóò ṣìnà.

Ohun kan tún fara pamọ́ sínú ìbéèrè náà. Kò sí orílẹ̀-èdè tó pa ìdájọ́ ikú rẹ́ tó wá ní kí apànìyàn máa lọ sílé. Ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ sọ ní oṣù kìíní 2016 pé a kò lè dá ẹjọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tó di 2018, wọ́n sọ ìjìyà àwọn ènìyàn 14 tó ṣì ń retí ikú di ẹ̀wọ̀n gbére. Tógò ti ṣe tirẹ̀ láti 2009. Nítorí náà, ìjìyà méjì la ń fi wé ara wọn: ṣé ikú ń dẹ́rù bani ju ẹ̀wọ̀n gbére lọ? Bí ẹ kò bá fi èyí sínú ìfáàrà, òǹkàwé á rò pé ẹ ń gbèjà pé kí wọ́n tú apànìyàn sílẹ̀ ni.

Ó wá ku gbólóhùn àkọ́kọ́. «Láti ìgbà ìwáṣẹ̀» kò mú nǹkan kan dání. Ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ lórí ẹja, lórí ìgbéyàwó, lórí ohunkóhun. Ẹ wá ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó gbé ìbéèrè náà ró. Ọ̀kan wà tí a fẹ́ràn. Ní 1972, wọ́n ń dájọ́ Buffet àti Bontems ní ìlú Troyes ní ilẹ̀ Faransé, nítorí nọ́ọ̀sì kan àti ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tí wọ́n pa. Èrò péjọ síta, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n pa wọ́n. Wọ́n sì bẹ́ àwọn méjèèjì lórí lọ́dún yẹn kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Henry wà láàárín èrò náà. Ní 1976, ní ìlú Troyes yìí kan náà, òun fúnra rẹ̀ jí ọmọ ọdún méje gbé, ó sì pa á. Robert Badinter ló sọ ìtàn yìí níwájú àwọn aṣòfin Faransé ní 1981, nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́. Òun náà ló ti gbẹjọ́ rò fún Bontems àti fún Henry.

Ìtàn náà lágbára, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ó lè ṣílẹ̀kùn àròkọ, kò lè jẹ́rìí fún un. Ẹni kan tí ẹ̀rù kò bà nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀rù bà, tó sì padà sílé, kò ní lọ sọ fún ọlọ́pàá pé òun fẹ́ pànìyàn lánàá. Kò sí ẹni tó lè kà á.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń ka iye ènìyàn tí wọ́n ń pa kí òfin tó yí padà àti lẹ́yìn tó yí padà. Ẹ wo Kánádà. Wọ́n pa ìdájọ́ ikú rẹ́ fún ìpànìyàn ní 1976. Ní 1975, bí ènìyàn 3 ni wọ́n ń pa nínú 100 000. Ní 2003, kò tó 2 mọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á dúró síbẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí o! 1962 ni wọ́n yẹgi fún ẹnikẹ́ni kẹ́yìn níbẹ̀, láàárín 1962 sí 1975 ni ìpànìyàn sì pọ̀ sí i. Ẹni tó fẹ́ ìdájọ́ ikú lè mú ìyẹn náà dání wá. Iye ọ̀dọ́ tó wà nílùú, iṣẹ́, ọtí, ìbọn, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé iye náà sókè sódò.

Ní Amẹ́ríkà, Isaac Ehrlich kọ ọ́ ní 1975 pé ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ìjọba bá pa lè gba nǹkan bí ẹ̀mí mẹ́jọ là. Àwọn míì tún ìṣirò náà ṣe: bí wọ́n bá yọ àwọn ọdún tó kẹ́yìn kúrò, àǹfààní náà á pòórá. Ní 2012, ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí èyí tó lè sọ fún wa bóyá ìdájọ́ ikú ń dín ìpànìyàn kù, bóyá ó ń mú un pọ̀, tàbí kò ṣe nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ má kọ ọ́ pé «a ti fi hàn pé kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni». Olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n á fà á ya. Ẹ kọ ìwọ̀n tí ẹ lè gbèjà rẹ̀. Àwa kọ tiwa sára pátákó báyìí:

«Ní 1972, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín èrò tó ń pariwo ní Troyes pé kí wọ́n pa àwọn apànìyàn méjì. Wọ́n pa wọ́n lóòótọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, òun náà pa ọmọdé kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀rù ikú ń dá ọwọ́ apànìyàn dúró ju ẹ̀wọ̀n gbére lọ, ọ̀rọ̀ wọn sì bá ọgbọ́n orí mu: ta ni kò bẹ̀rù ikú? Ṣùgbọ́n ẹni tó rò pé ọwọ́ kò ní tẹ òun kì í ṣírò ìjìyà, ẹni tí ìbínú gbé lọ kì í ṣírò rẹ̀. Títí di òní, kò sí ìwádìí tó fi hàn pé ikú ń ṣe ohun tí ẹ̀wọ̀n gbére kò lè ṣe. Èrò wa ni pé ẹni tó fẹ́ kí ìjọba gba ẹ̀mí nítorí ìbẹ̀rù ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá, kò sì tíì mú un wá.»

Ọmọkùnrin wa dà á kọ sínú kàyé rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: «Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kò tilẹ̀ rò pé wọn á bẹ̀rù. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n sanwó ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò bàbá mi ni.» A ní àròkọ mìíràn nìyẹn, àkọlé rẹ̀ yàtọ̀. Ó ní kí a bá òun kọ ọ́. A gba kàyé náà, a kọ ọ́ sí òkè ojú ewé tó tẹ̀ lé e: «Kí ló tọ́ sí ẹni tó pànìyàn?»