Nọ́ńbà Kékeré Tí Fọ́tò Gbé Mì

Díẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà tó ṣì ń fọwọ́ da iṣẹ́ àṣetiléwá kọ láti ojú pátákó. Ẹnì kan á na fóònù, á ya fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù, àwọn yòókù á sì ti ibẹ̀ ṣe é. Kò séwu púpọ̀ nínú èyí, àfi bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti béèsì nọ́ńbà. Nọ́ńbà kékeré kan máa ń wà nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún nọ́ńbà ńlá, tó ń sọ béèsì rẹ̀. Òun ni fọ́tò kọ́kọ́ máa ń gbé mì.

Ẹ wo 110. Bí nọ́ńbà kékeré ìdí rẹ̀ bá jẹ́ 10, àádọ́fà ni. Bó bá jẹ́ 8, méjìléláàádọ́rin ni. Bó bá jẹ́ 2, mẹ́fà péré ni. Ipò ló fà á. Nínú nọ́ńbà tí à ń ná lọ́jà, ìyẹn dẹ́símà, bí a bá sún sí òsì nígbà kan, iye ipò náà á di ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú ọ́kítà, ìlọ́po mẹ́jọ ni. Nínú báínárì, ìlọ́po méjì.

Ká mú ìbéèrè kan tó wọ́pọ̀ nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀: ẹ sọ 10110110 ti béèsì 2 di dẹ́símà àti ọ́kítà. Láti ọ̀tún lọ sí òsì, iye àwọn ipò rẹ̀ jẹ́ 1, 2, 4, 8, 16, 32, 64 àti 128. Ibi tí 1 bá wà la máa kà, a ó fo ibi tí 0 bá wà:

```
128 + 32 + 16 + 4 + 2 = 182
```

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á wá gbé 182 yìí, wọn á máa fi 8 pín in kí wọ́n tó dé ọ́kítà. Wọ́n rìn jìnnà lásán. Méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì ló di mẹ́jọ, nítorí náà ẹyọ báínárì mẹ́ta ló ń di ẹyọ ọ́kítà kan. Ẹ ṣáà gé e ní mẹ́ta-mẹ́ta láti ọ̀tún: 10, 110, 110. Èyí di 2, 6, 6, ìdáhùn sì ni 266.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òsì á gé e sí 101, 101, 10, á sì kọ 552. Àṣìṣe yìí kì í fara pa mọ́. Ẹyọ báínárì mẹ́jọ kò lè kọjá 255, tó jẹ́ 377 ní ọ́kítà. 552 ti kọjá ibẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé 182 ni wọ́n fún wa, tí wọ́n ní ká sọ ọ́ di báínárì, a lè fi 2 pín in nígbà mẹ́jọ. Èmi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 8 pín in: ó di 22, ó ku 6. Ẹ pín 22: ó di 2, ó ku 6. Ẹ pín 2: ó di 0, ó ku 2. Ẹ ka àwọn tó kù láti ìsàlẹ̀ sókè, 266 nìyẹn (ẹni tó bá kà á látòkè á kọ 662). Kí ẹ wá tú ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí báínárì mẹ́ta: 010, 110, 110. Odo iwájú lè lọ.

Ìwà ọ́kítà yìí kò tíì kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Lórí Linux, `chmod 755` ń sọ ẹni tó láṣẹ lórí fáìlì: 7 jẹ́ 111, ìyẹn ni pé ẹni tó ni ín lè kà á, kó kọ sínú rẹ̀, kó sì mú un ṣiṣẹ́, 5 jẹ́ 101, àwọn yòókù kò lè kọ nǹkan sínú rẹ̀.

Ní ti fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀, ọ́kítà máa ń tú àṣìṣe fó, torí kò ní 8 tàbí 9 láéláé. Bí ẹ bá rí 286 pẹ̀lú 8 kékeré nídìí rẹ̀, 8 àárín yẹn lè jẹ́ 6 tàbí 3 tí yíǹkì dí lójú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 7 ló dà bí 1, kò sí òfin tó lè tú u fó.

Etí fọ́tò tí wọ́n gé ló burú jù. Bí 0 ìparí 10110110 bá bọ́ sẹ́yìn, 1011011 ló kù, ìyẹn 91, ìdajì 182 géérégé. Bó bá jẹ́ 1 iwájú ló lọ, 54 ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lè tẹ èyí sínú Python:

```
print(0b10110110, oct(182))
```

`182 0o266` ló máa jáde; `0o` ni àmì ọ́kítà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ èyí tí fọ́tò gé, 91 ni yóò fún yín láìjanpata. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ya fọ́tò: ẹyọ mélòó ló wà lójú pátákó?