Nígbà Tí Orúkọ Ìkànnì Bá Kọ̀ Tí Kò Yí Mọ́

Ká ní ìkànnì ọlọ́bẹ̀ kan ń jẹ́ @obeadidun lórí YouTube, tí ẹni tó ni ín wá yí i padà sí @obeyoruba. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó ti wọlé? Kó ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ nínú buráúsà, níbi tí kò ti wọlé sí àkáǹtì rẹ̀, kó tẹ:

```
youtube.com/@obeyoruba
```

Bí ìkànnì rẹ̀ bá yọ, ó ti wọlé nìyẹn. Kó má jẹ́ kí àdírẹ́sì àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tàn án jẹ: YouTube máa ń bá èèyàn pa orúkọ àtijọ́ mọ́ fún ọjọ́ 14, bóyá yóò fẹ́ padà sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún fi lẹ́tà kan kún un. Lọ́jọ́ kẹta, orúkọ kọ̀, kò yí mọ́. Kì í ṣe àṣìṣe: ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n gbà láàárín ọjọ́ 14. Kó ní sùúrù, àkókò ni yóò ṣí i.

Ṣùgbọ́n kó tètè ṣàtúnṣe àdírẹ́sì tó ti pín káàkiri, nítorí lẹ́yìn ọjọ́ 14, ẹlòmíràn lè gba orúkọ àtijọ́ náà.