Níbo Ni Ẹ Ó Bímọ Sí?

Bí oyún bá ti wọ oṣù keje, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí tọkọtaya tún fi dọ̀la: ibi tí wọn yóò bí ọmọ náà sí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ títí di òru ọjọ́ ìrọbí. Ìyá ọkọ á sọ tirẹ̀, ìyá ìyàwó á sọ tirẹ̀, ọkọ á máa wá ọlọ́kadà kiri nínú òkùnkùn, ìyàwó á sì máa rọbí lórí ẹní.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyàwó kan ní abúlé kan ní ẹ̀bá Ìwó ṣe àpẹẹrẹ. Oyún rẹ̀ kẹta nìyí. Ìyá agbẹ̀bí àdúgbò ni ó gbẹ̀bí ọmọ kejì, kò sì sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bí àkọ́bí, ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ti jáde, òòyì kọ́ ọ, wọ́n sì ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ní báyìí, wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 28 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni ti aboyún kò yẹ kí ó dín sí 33. Ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni, ó máa ń fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ǹjẹ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ń fa ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tí ibi ọmọ bá já kúrò lára ilé ọmọ, ojú ibi tí ó ti já á ṣí sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jáde níbẹ̀. Bí ilé ọmọ bá sún kì, tí ó le bí ọsàn, ojú náà á pa dé. Bí ó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní dá, ó sì lè pa ènìyàn láàárín wákàtí méjì. Ẹni tí ó ti ṣe rí ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ẹni tí kò ṣe rí. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ ó bi ilé kọ̀ọ̀kan ni èyí: kí ni ó wà lọ́wọ́ yín fún wákàtí àkọ́kọ́ yẹn?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí tí ó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ó ní sùúrù, ó sì mọ bí a ti ń tu aboyún nínú. Ṣùgbọ́n kò ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ilé ọmọ sún kì, kò sì ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò fà síni lára. Bí nǹkan bá yí padà, ọ̀nà ni ó kù. Ẹ má tìtorí èyí lé e dànù. Ní ọdún 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá ètò Àgbẹ̀bíyè sílẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ń fún irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bùn bí wọ́n bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ̀yin náà lè bẹ ìyá yìí kí ó bá yín lọ, kí ó jókòó ti ìyàwó, kí ó máa tù ú nínú.

Èkejì ni mataníti tí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tí ó ní ìwé àṣẹ ń bójú tó. Ibẹ̀ dára fún aboyún tí ara rẹ̀ dá, tí ọmọ rẹ̀ dorí kodò, tí kò sì ní ìtàn ewu lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wò ó kí ọjọ́ tó pé. Ẹ béèrè bóyá nọ́ọ̀sì tòótọ́ ni ó ń sùn níbẹ̀ lóru, àbí ọmọdébìnrin tí ń kọ́ṣẹ́. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ ọ́ksítósìn, èyí tí a máa ń fún ìyá ní ìwọ̀n 10 ní itan ní kété tí ọmọ bá ti jáde. Inú fíríìjì ni ó ń gbé, nítorí pé ooru ń bà á jẹ́. Bí iná bá ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ni wọ́n ń ṣe? Ẹ béèrè ọkọ̀ tí yóò gbé ìyá lọ bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn, àti ilé ìwòsàn tí yóò gbà á.

Ẹ̀kẹta ni ọsibítù ńlá. Níbẹ̀ ni dókítà, yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí bímọ sí, ẹni tí ó lóyún ìbejì, ẹni tí ọmọ rẹ̀ fi ìdí sọlẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ rí. Òótọ́ ni pé èrò ń pọ̀ níbẹ̀, pé òṣìṣẹ́ lè daṣẹ́ sílẹ̀, pé wọ́n sì lè ní kí ẹ mú ẹni tí yóò fún ni ní ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ lè béèrè fún obìnrin láti gbẹ̀bí. Bí kò bá sí obìnrin lọ́wọ́ nígbà tí ewu dé, ẹ̀sìn wa kò ní kí a fi ẹ̀mí ṣòfò: ohun tí ó di dandan ní òfin tirẹ̀. Kí ọkọ tí yóò rìnrìn àjò sì sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n má dúró de òun kí wọ́n tó gbà fún iṣẹ́ abẹ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyàwó wa. Ọsibítù ni tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, ó gba ìṣẹ́jú 35. Ó tún lọ lóru, ó gba ìṣẹ́jú 55. Wọ́n fi ẹnu kò pé bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 38, kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ nínú ìlú. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, a ó sì tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àbúrò ọkọ méjì ti lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu. Ọkọ ní nọ́ńbà awakọ̀ méjì lórí fóònù, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ó wá ku báàgì. Ẹ dì í nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 36, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Lókè pátápátá ni kí káàdì wà, pẹ̀lú ìwé irú ẹ̀jẹ̀, owó, iná tọ́ọ̀ṣì àti okùn tí a fi ń gba iná sí fóònù. Fún ìyá: ìró mẹ́ta, ẹ̀wù tí ó ṣí níwájú fún ọmú, ìbòrí, páàdì ńlá bíi méjì lódindi páálí, ọṣẹ, sálúbàtà, àti dàbínù díẹ̀ tí yóò jẹ bí ó bá bí tán. Fún ọmọ: fìlà, ìbọ̀sẹ̀, aṣọ mẹ́rin, aṣọ òtútù àti ìlédìí. Kò sí àyè fún ìgò oúnjẹ, ọmú nìkan ni. Ẹ béèrè bóyá ilé náà ń fẹ́ kí ẹ mú ìbọ̀wọ́, rọ́bà ìtẹ́lé àti bíléèdì tuntun wá. Bí wọ́n bá fún yín ní jẹ́ẹ̀lì kílọ́héésídínì, ìwọ́ ọmọ nìkan ni a fi ń pa. Àwọn kan ti ṣèèṣì kán an sójú ọmọ, ó sì ba ojú náà jẹ́.

Bí ọmọ bá dé, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, kí baba tó pe ìrun sí i létí. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan máa wo páàdì ìyá. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá rin gbingbin láàárín ìdajì wákàtí, kí ó pariwo pe nọ́ọ̀sì, kí ó má sọ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn abiyamọ ni.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Àmín.